Òrùlé ń jò, onílé ò dáhùn: bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìránnilétí tó le, tó sì ní ọ̀wọ̀

Bí ayálégbé bá ti sọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe kan fún onílé lórí fóònù, tó tún sọ ọ́ lójúkojú, tó tún fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, tí onílé ń dáhùn pé "mo ti gbọ́" ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì gun òrùlé, ọ̀rọ̀ ẹnu ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Lẹ́tà ìránnilétí ló kàn. Kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní déètì.

Ènìyàn méjì ni lẹ́tà náà ń bá sọ̀rọ̀. Onílé ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni ẹnì kan tí kò mọ ẹ̀yin tàbí onílé rí: lọ́yà, alálàjà tàbí adájọ́, tó ṣeé ṣe kó mú ìwé náà dání lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Torí náà, ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí onílé yóò fi lè ṣe ohun tí ẹ fẹ́ láìjẹ́ pé ojú tì í, kí ẹnì kejì náà sì lè lóye gbogbo ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó tún bi yín léèrè ohunkóhun. Bí ẹ bá ń kọ ọ́, tí gbólóhùn kan kò ran ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́.

Èkó ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni òfin ti kọ ojúṣe onílé sílẹ̀ kedere. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aránṣọ kan, ìyá ọlọ́mọ méjì, ń gbé fúláàtì òkè pátápátá ní Agége. Ọdọọdún ló ń san owó ilé. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lóṣù Kẹta ni òrùlé ti ń jò sórí yàrá tí òun àtàwọn ọmọ ń sùn. Onílé rẹ̀ jẹ́ Alhaji àgbàlagbà tí kì í gbé inú ilé náà. Aránṣọ náà ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù Kẹfà ti dé báyìí, ìgbà tí òjò Èkó ń rọ̀ jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tí iṣẹ́ náà kàn

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wá ìwé àdéhùn ilé yín jáde, kí ẹ ka ibi tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2011, sọ ní abala 8 pé onílé ló gbọ́dọ̀ tún ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, kó sì máa mójú tó wọn. Òrùlé wà nínú rẹ̀. Ògiri ìta, àtẹ̀gùn àjùmọ̀lò àti gọ́tà àgbàlá náà wà nínú rẹ̀. Ti ayálégbé wà ní abala 7: kó máa tọ́jú inú ilé kó wà ní ipò tó ṣeé gbé, yàtọ̀ sí gbígbó tí nǹkan ń gbó fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ omi tí ọmọ yín fà ya kì í ṣe ti onílé. Páànù tó ti dípẹtà kì í ṣe tiyín.

Ohun méjì ló lè yí èyí padà. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, àdéhùn ló lágbára. Torí náà, bí ẹ bá ti buwọ́ lu ìwé tó ní ayálégbé ni yóò máa tún gbogbo ilé ṣe, tinú tìta, ẹ má sọ nínú lẹ́tà pé òfin di ẹrù náà lé onílé lórí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ni, kí ẹ sì sọ fún un pé ilé rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ìkejì ni pé òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ìwé àdéhùn yín lẹ máa dì mú níbẹ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí lẹ́tà yóò lọ bá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì owó ilé ni. Bí onílé bá ti kú, tí àwọn ọmọ kò tíì pín ogún, ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àgbà ẹbí. Bó bá jẹ́ éjẹ́ǹtì ló ń gba owó, òun àti onílé ni kí ẹ jọ kọ ọ́ sí, torí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ rárá pé ayálégbé ti ń ké. Ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì lọ̀rọ̀ náà ti ń dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tò ó lọ́jọ́ lọ́jọ́

Ẹ gbé bébà kan, kí ẹ kọ gbogbo ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ náà: ọjọ́ wo ni, ọ̀nà wo lẹ fi sọ ọ́, kí ni onílé fi dáhùn. Fóònù yín yóò rán yín létí. Àkọsílẹ̀ ìpè máa ń pa rẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Wásáàpù: ẹ ya ibi tí déètì, orúkọ onílé àti ìdáhùn rẹ̀ ti hàn pa pọ̀. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́ kan gan-an, ẹ kọ "ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún". Ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí kò dá yín lójú síbẹ̀, torí bí onílé bá fi hàn pé òun kò sí nílùú lọ́jọ́ náà, gbogbo lẹ́tà ló máa dà bí irọ́.

Àwòrán tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yà ni ti ojú ibi tó tutù nìkan. Ẹni tí kò mọ ilé náà kò ní mọ̀ bóyá síìlì ni tàbí ògiri, tàbí ilé ẹlòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo yàrá látẹnu ọ̀nà, kí bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé hàn. Ẹ wá sún mọ́ ọn, kí ẹ ya àmì omi tó pọ́n bí ìpẹtà lára síìlì. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ṣe fídíò kékeré kan tí ìró òjò yóò ti dún, tí ẹ̀kán omi yóò sì ti máa bọ́ sínú bókéètì. Ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ má gun òrùlé fúnra yín láti lọ ya àwòrán: páànù tó ti jẹrà kì í gbé ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gan-an

Níbi tí ìránnilétí ti máa ń kùnà jù lọ rèé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tún ilé ṣe" kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní òpin. Alhaji máa rò pé gbogbo òrùlé ni, ẹ̀rù owó á bà á, á sì sún un síwájú. Ọ̀pọ̀ onílé àgbà ló jẹ́ pé owó ilé náà ni wọ́n ń jẹ. Owó tí wọ́n gbà lóṣù Kìíní ti lè tán kó tó di oṣù Kẹfà. Èyí kò mú ojúṣe kúrò lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré tó ní iye lára máa ń tètè rí owó ju iṣẹ́ tí kò ní ààlà lọ.

Torí náà, ẹ pe káfíńtà onípáànù kan kó wò ó, kó sì kọ ohun tó rí sórí ìwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó rí i pé páànù méjì péré ló ti jẹrà nídìí ìṣó, àti pé rọ́bà tó wà lábẹ́ orí àwọn ìṣó kan ti gbó, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀: pààrọ̀ páànù méjì, pààrọ̀ àwọn ìṣó tó ti gbó, lẹ́yìn náà pààrọ̀ síìlì níbi méjì. Ó kọ ₦145,000. Ẹ fi ìdíyelé náà sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ má fi dandan lé e pé káfíńtà yín ni yóò ṣe é. Onílé ló ni ilé, òun ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan oníṣẹ́.

Ẹ ronú sí àsìkò pẹ̀lú. Ọjọ́ 14 bọ́ sí i fún òrùlé tó ń jò. Bí omi bá ti ń kán sí ibi tí iná mọ̀nàmọ́ná wà, ẹ pa iná yàrá náà láti ojú fíúùsì, kí ẹ béèrè pé kí oníṣẹ́ iná wá láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà òjò, káfíńtà lè máà rí ọjọ́ tí òrùlé gbẹ tó láti gùn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe ní kíákíá, bíi ọ̀rá ńlá tó nípọn tí wọ́n máa so mọ́ ojú ibẹ̀, kí iṣẹ́ gidi tẹ̀ lé e. Onílé kò ní lè fi òjò ṣe àwáwí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà náà

Bí onílé yín bá ń ka Yorùbá, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ìkíni ní ààyè rẹ̀ níbẹ̀, "ẹ" àti "yín" sì máa ń mú kí ọ̀rọ̀ tó le ṣeé gbà. Kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan lédè Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ohun kan náà, torí bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí aránṣọ wa ṣe kọ tirẹ̀ nìyí:

> *(Àdírẹ́sì ilé)*
> Ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà *(ẹ kọ ọdún)*
>
> Alhaji *(orúkọ onílé)*,
>
> Ẹ kú àsìkò òjò sà, ẹ sì kú àmójútó wa. Mo kí gbogbo ilé.
>
> Ìránnilétí lórí òrùlé tó ń jò ní fúláàtì òkè
>
> Mo ń kọ ìwé yìí láti rán yín létí òrùlé tó ń jò sórí yàrá tí èmi àtàwọn ọmọ ń sùn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín lórí fóònù ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, mo fi àwòrán ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ẹ sì dáhùn pé ẹ máa rán káfíńtà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún tí ẹ wá sílé, mo mú yín wọ yàrá, ẹ sì rí síìlì náà. Títí di òní, káfíńtà kò tíì wá.
>
> Omi ti ba síìlì jẹ́ níbi méjì báyìí, ó sì ti ń kán sí ìdí búlọ́ọ̀bù àárín yàrá. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà la ti pa iná yàrá náà nítorí ewu.
>
> Káfíńtà onípáànù kan wò ó ní ọjọ́ 12. Ó ní páànù méjì àti àwọn ìṣó tó ti gbó ni wọ́n máa pààrọ̀, pẹ̀lú síìlì níbi méjì. Ìdíyelé rẹ̀, ₦145,000, wà pẹ̀lú ìwé yìí. Bí ẹ bá ní káfíńtà tiyín, mo fara mọ́ ọn.
>
> Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ rán oníṣẹ́ iná wá kó tó di ọjọ́ 18, kí iṣẹ́ òrùlé sì parí kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Mo máa ń wà nílé lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.
>
> Bí ọjọ́ 30 bá kọjá tí iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀, màá mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibùdó ìlàjà ti ìjọba Èkó kí wọ́n bá wa dá sí i. Ó wù mí kí á parí rẹ̀ láàárín ara wa.
>
> Ẹ ṣeun sà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.
>
> *(Orúkọ, ìbuwọ́lùwé, nọ́ńbà fóònù)*
> Ó wà pẹ̀lú ìwé yìí: àwòrán mẹ́rin, ìdíyelé káfíńtà.

Ẹ wo ibi tí agbára lẹ́tà náà wà. Kò sí ọ̀rọ̀ líle kankan nínú rẹ̀. "Títí di òní, káfíńtà kò tíì wá" ló le jù, òótọ́ lásán sì ni. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Ó fi ìdáhùn onílé fúnra rẹ̀ síbẹ̀, pé ó ṣèlérí káfíńtà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀. Ó kí i bí àgbà, ó gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́ títí ọjọ́ 30 fi pòórá. Àṣìṣe tí mo máa ń rí nínú lẹ́tà àwa Yorùbá ni pé àpọ́nlé máa ń gbé ìbéèrè mì: "Bí ààyè bá wà, bí Ọlọ́run bá fẹ́, kí ẹ ràn wá lọ́wọ́." Onílé tó bá ka ìyẹn á gbà pé ọdún tó ń bọ̀ náà dára. Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ̀ wà nínú ìkíni àti ìdágbére, kí ọjọ́ àti iṣẹ́ dúró gbọnyin láàárín.

Àwọn gbólóhùn kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ má kọ pé ẹ kò ní san owó ilé mọ́. Àìsan owó ilé ló máa fún onílé ní ẹjọ́ lọ́wọ́, òrùlé tó ń jò á sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á: ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn, onílé tó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ka ìyókù lẹ́tà sí. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ń pariwo tàbí owó iná tó ń fa ìjà wọ̀ ọ́. "Ẹ ò bìkítà fún wa" náà, ẹ yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ọkàn onílé ni ìyẹn ń dá lẹ́jọ́, òun á sì fi gbogbo ìdáhùn rẹ̀ gbèjà ọkàn rẹ̀ dípò òrùlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi í lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì ní ẹ̀rí

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ mú un lọ fúnra yín bó bá ṣeé ṣe, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ti ayẹyẹ tàbí ti òkú, kí ẹ sì ní kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ, déètì àti ìbuwọ́lùwé sórí ẹ̀dà tiyín. Bí Alhaji bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni tó tẹ̀ lé yín kọ sẹ́yìn ẹ̀dà yín pé ó ṣojú òun, pẹ̀lú aago àti déètì. Bí onílé bá wà nílùú òkèèrè, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fún yín. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan náà, ẹ ya àwòrán lẹ́tà náà, kí ẹ fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pẹ̀lú gbólóhùn kan: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, lẹ́tà tí mo mú wá lónìí rèé." Wásáàpù nìkan kò tó, torí onílé lè pa àmì tó ń fi hàn pé ó ti kà á, nọ́ńbà rẹ̀ sì lè yí padà.

Lẹ́yìn lẹ́tà

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni: "Ẹ ṣe é, ẹ óò yọ ọ́ nínú owó ilé." Ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ó wà lórí ìwé: iye náà, iṣẹ́ náà, àti pé ẹ óò yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún wo. Wásáàpù pàápàá tó fún èyí, bí onílé bá dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni". Láìsí ìyẹn, á lè sọ pé ìfẹ́ inú yín lẹ fi tún un ṣe, òfin 2011 sì ní ayálégbé kò gbọdọ̀ yí nǹkan padà lára ilé láìgba àṣẹ onílé lórí ìwé. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ìdáhùn kejì ni ìbínú: "Bí ilé kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó jáde." Ẹ má fèsì lọ́jọ́ náà. Ní Èkó, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ tí òfin ní kí wọ́n fún ayálégbé ọlọ́dọọdún, onílé kò sì gbọdọ̀ fipá lé e jáde tàbí halẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ èsì kúkúrú: "Mo gbọ́ yín sà. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni lẹ́tà mi dá lé, mo ṣì ń retí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 30."

Bí kò bá sí ìdáhùn rárá, tí ọjọ́ náà kọjá, ẹ má kọ ìránnilétí mìíràn. Ẹni tó bá sọ pé òun máa ṣe nǹkan lọ́jọ́ 30, tí kò ṣe é, ti kọ́ onílé pé ọjọ́ náà kò ní ìtumọ̀. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n buwọ́ lù, ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó ilé àti àwọn àwòrán lọ sí CMC, ibùdó ìlàjà ará ìlú tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọn kì í gba owó. Wọ́n á pe onílé, wọ́n á sì jókòó tì yín méjèèjì. Bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ óò sì buwọ́ lù ú. Wọn kò ní agbára láti dá onílé lẹ́bi bí adájọ́, torí náà bó bá kọ̀ tí kò wá, kóòtù ló kù, ibẹ̀ sì ni lọ́yà ti máa wúlò fún yín.

Bí káfíńtà bá wá ní tòótọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ ya òrùlé àti síìlì tuntun, kí ẹ dúró de òjò ńlá kan tí atẹ́gùn bá wá, torí òjò tó ń rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kì í fi ojú ìṣó tí wọn kò dí dáadáa hàn. Bí ó bá gbẹ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé òrùlé ti dáa, ẹ sì kọ déètì sí i. Bí ó bá ṣì ń jò, ẹ fi fídíò tuntun ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ ní kí káfíńtà kan náà padà wá, kí owó tí onílé san fún un tó tutù lọ́wọ́ rẹ̀.